Ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ tí kò di ẹrù: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ohun tí a ń kọ sí aládùúgbò tó ń bẹ̀bẹ̀ owó

Aládùúgbò mi kan ṣí ẹ̀bẹ̀ owó sórí ayélujára nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣubú tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́. Owó iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú ohun tí wọ́n á fi gbọ́ bùkátà ilé fún ìgbà tí ọkùnrin náà kò ní lè ṣiṣẹ́. Mo fi owó díẹ̀ sílẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Tọkàntọkàn ni mo fi kọ ọ́. Obìnrin náà dá gbogbo èèyàn lóhùn, àfi èmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kọjá kí àbúrò rẹ̀ tó là mí lóye: ojoojúmọ́ ló ń ṣí ọ̀rọ̀ mi, tó ń kà á, tí kò mọ ohun tó yẹ kó sọ, tó sì ń pa á dé. Látìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn sì ti ń bi mí ní ìbéèrè nípa rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń bi mí jù lọ ni mo kó jọ síbí.

Kí lẹ kọ gan-an tó fi dà bẹ́ẹ̀?

Ẹ wò ó bó ṣe rí, mi ò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀:

"Ìyá Ìbejì, ọkàn mi bà jẹ́ gan-an nígbà tí mo ka èyí, mi ò lè sùn. Ẹ má tijú rárá, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí, ì báà jẹ́ lóru. Mo ti fi tèmi sílẹ̀ o, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jẹ́ ká ṣe ojúṣe wa. Kí ni dókítà sọ? Ṣé ẹsẹ̀ náà á tún ṣiṣẹ́ dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Ẹni tó bá kà á fìrí á ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹ wá fi ojú obìnrin tó jókòó ti ibùsùn aláìsàn kà á. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mi ò rí oorun sùn, nítorí náà, ó di dandan kó tù mí nínú. Mo ní kó pè mí fún ohunkóhun, èyí tó túmọ̀ sí pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó ronú iṣẹ́ tí òun máa rán mi. Mo fi ọ̀rọ̀ lu àwọn ará àdúgbò, mo sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe é, bí ẹni pé òun ló rán mi. Mo béèrè ọ̀rọ̀ dókítà níwájú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni mo wá ní kó fèsì. Iṣẹ́ márùn-ún ni mo gbé fún ẹni tí mo ní mo fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú "ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí"? Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa dìde lóòótọ́ tí wọ́n bá pè wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kì í pè.

Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí méjì, Vanessa Bohns àti Francis Flynn, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ẹni tó wà nípò láti ṣèrànwọ́ máa ń rò pé àwọn tó máa wá bá òun pọ̀ ju iye tó wá lọ. Ohun tó fà á ni pé olùrànlọ́wọ́ kì í rántí bí ojú ṣe ń ti ẹni tó fẹ́ béèrè. Ohun tí òun lè ṣe ló ń wò. Ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ ní tirẹ̀ ń wo ojú tí wọ́n máa fi wo òun. Èyí gan-an ló wà nídìí "ẹ pè mí". A ti gbà pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtìjú ti dúró sí ẹnu ọ̀nà náà.

Ẹ sì rántí pé ẹni tó ṣí ẹ̀bẹ̀ owó ti béèrè lẹ́ẹ̀kan ná, ní gbangba, pẹ̀lú fọ́tò aláìsàn rẹ̀ àti iye owó tí kò ní. Ó ti na ìgboyà tó ní tán síbẹ̀. Tí a bá tún ní kó wá béèrè lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń ní kó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Nítorí náà, olùrànlọ́wọ́ ló yẹ kó dárúkọ ohun tó fẹ́ ṣe, kó sì dárúkọ ohun kan ṣoṣo. Kó jẹ́ ohun kékeré tó dá lójú pé agbára rẹ̀ ká. Kó sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, kí ẹni tó fẹ́ gbà á lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Kó sì jẹ́ kí "rárá" rọrùn bíi "bẹ́ẹ̀ ni", tàbí kó tilẹ̀ rọrùn jù ú lọ.

Báwo lẹ ṣe wá tún un kọ?

Mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mo sì kọ́kọ́ jókòó ronú ohun tí mo mọ̀ nípa ilé náà láì ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ọkùnrin náà ló máa ń wa àwọn ìbejì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ itan fún kò ní wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ìyá wọn ni yóò máa gbé wọn lọ, kó tó sáré padà sọ́dọ̀ aláìsàn. Èmi sì rèé, ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ mi wà.

Ohun tí mo wá kọ sí gbangba kò ju èyí lọ:

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá Ìbejì. Mo ka ohun tí ẹ kọ, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má ṣe wàhálà láti dá mi lóhùn níbí."

Mo wá fi èyí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Mo máa ń gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mo lè máa mú wọn dání lọ títí oṣù yìí á fi parí. Tó bá wúlò, ẹ kàn kọ 'bẹ́ẹ̀ ni', màá wà lẹ́nu ọ̀nà yín ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí kò bá wúlò, ẹ má wulẹ̀ fèsì. Ó ti yé mi nìyẹn, mi ò sì ní béèrè mọ́."

Ẹ kíyè sí "ẹ má wulẹ̀ fèsì" yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ "tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ kàn sọ fún mi", wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣí ọ̀nà ìkọ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti sọ fún aládùúgbò pé "mi ò fẹ́" ṣòro ju láti gbà lọ. Ojú ló ń ro ojú. Ẹni tí kò fẹ́ á gbà nítorí ojú, á wá máa gbé ìrànlọ́wọ́ náà bí ẹni gbé ìyà. Tí ó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ gan-an ni ìdáhùn, kò sí gbólóhùn kankan tó ní láti wá.

Ọ̀rọ̀ "títí oṣù yìí á fi parí" náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó bá gba ìrànlọ́wọ́ tí kò ní òpin máa ń bẹ̀rù ọjọ́ tó máa ní kí a dáwọ́ dúró. Tí òpin bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á tán fúnra rẹ̀ láì sí pé ẹnikẹ́ni lé ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí ẹ fi pín in sí méjì? Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi nǹkan pamọ́?

Ìdí pàtàkì kan ni ààbò. Ká ní mo kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sábẹ́ ẹ̀bẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni tó bá kà á ti mọ ìgbà tí àwọn ọmọ ń jáde, ẹni tí wọ́n ń bá lọ, àti ìgbà tí ó ku aláìsàn nìkan nínú ilé. Ojú tó ń ka ẹ̀bẹ̀ owó pọ̀ ju ojú àwọn tó mọ ìdílé náà lọ. A fẹ́ kó dé ọ̀nà jíjìn, ìdí nìyẹn tí a fi gbé e síbẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ohun tí a bá fi lọ èèyàn ní gbangba, gbangba ló ti máa kọ̀ ọ́. Gbogbo ẹni tó ti fi owó sílẹ̀ á rí i pé lágbájá ní òun á gbé àwọn ọmọ lọ, ìyá ọmọ sì dákẹ́. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ṣé ó tiẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ti orí ayélujára sì ń fọ́ síwájú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn.

Tí ẹ kò bá ní nọ́ńbà ẹni náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan sí gbangba, kí ẹ fi ìyókù sínú lẹ́tà kékeré kan lábẹ́ ilẹ̀kùn. Aládùúgbò ni yín, ẹnu ọ̀nà wọn kò jìnnà.

Ṣé kí n dárúkọ iye tí mo fi sílẹ̀?

Rárá. Ẹni tó fi díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú yín á rí i, ojú á tì í. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ á padà sẹ́yìn. Lórí GoFundMe, ìkànnì kan tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣí ẹ̀bẹ̀ owó, ẹ lè fi orúkọ yín pamọ́ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí ẹ̀bẹ̀ náà ṣì máa rí ẹni tí ẹ jẹ́. Nítorí náà, ìbòjú yẹn dáàbò bò yín lọ́wọ́ àwọn ará ìta, kò bò yín lójú aládùúgbò. Ẹ má ṣe ṣe bí ẹni pé kò mọ̀, ẹ má sì mẹ́nu kàn án.

Mi ò ní owó tí mo lè fi sílẹ̀. Ṣé mo ṣì lè kọ nǹkan?

Ẹ lè kọ ọ́, kò sì yẹ kí ẹ tọrọ àforíjì síbẹ̀. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ dárí jì mí, nǹkan le fún èmi náà, ilé iṣẹ́ mi kò tíì sanwó", tó sì lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló wá di ẹni tó ń rọ olùkọ̀wé lọ́kàn. Ẹ kàn kí i, ẹ dárúkọ ohun kan tí ọwọ́ yín ká, ó parí.

Àwọn ibì kan wà tí kò gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fi owó sílẹ̀. GoFundMe wà lára wọn: àwọn tó ti dá owó ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìṣírí síbẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fóònù tàbí ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ gbà, tí mo sì ń rò pé ó dára jù lọ lọ́nà gbogbo.

Tí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá jẹ́ láti pín ẹ̀bẹ̀ náà fún àwọn mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó gbà kó dé. Àwọn kan kò fẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn mọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiwọn sọ ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àlàyé àìsàn tí wọn kò kọ kún un.

Kì í ṣe aládùúgbò mi ló ṣí ẹ̀bẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ẹ ka ẹ̀bẹ̀ náà dáadáa kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣí i ló máa kọ́kọ́ rí ohun tí ẹ bá kọ, aláìsàn sì lè má tíì mọ ohun gbogbo tí wọ́n kọ nípa òun. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti ń fún ẹni náà lọ́rùn?

Ẹ wo gígùn èsì tí wọ́n fún yín. Ẹni tí ara rọ̀ á kọ "ẹ ṣé gan-an, a ti rí ẹni tó ń gbé wọn lọ", ó tán. Ẹni tí ẹ fún lọ́rùn á ṣàlàyé. Á sọ ìdí mẹ́ta tí kò fi lè gbà á, á tọrọ àforíjì, á tún ṣèlérí pé òun máa pè yín lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá rí irú èsì bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ kọ ti wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àmì mìíràn ni èyí tí mo rí fúnra mi: ó dá gbogbo èèyàn lóhùn, ó fo tiyín. A máa ń rò pé inú ló ń bí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ wa ló ṣòro láti dá lóhùn.

Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ ka á sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ka iye ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. Tèmi àkọ́kọ́ ní méjì, pẹ̀lú àṣẹ pé kó dáhùn. Èkejì kò ní ìbéèrè kankan. Ẹ wo "mo" àti "mi" náà: tí wọ́n bá ń sọ bó ṣe rí lára yín, ẹ gé wọn kúrò. Tí wọ́n bá ń sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, wọ́n wà láyè wọn.

Mo mọ ìtọ́jú kan tó ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan tó ní irú àìsàn yẹn. Ṣé kí n kọ ọ́?

Ẹ má kọ ọ́, àfi tí wọ́n bá béèrè. Wọ́n ti ní dókítà. Owó ni wọ́n ń wá.

Wọn kò fèsì sí ohun tí mo fi lọ̀ wọ́n. Ṣé kí n tún béèrè?

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ni ìdáhùn, ẹ mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Ẹni tó bá ní "ẹ má fèsì", tó wá ní "ṣé ẹ rí iṣẹ́ tí mo fi rán yín?" lọ́jọ́ kejì, ti ba ohun tó kọ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ lè padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé máa ń dákẹ́. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ máa ń rọ́ wọlé ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀bẹ̀ á lọ sí ìsàlẹ̀, owó á dúró sójú kan, aláìsàn ṣì wà lórí ibùsùn. Ẹ má mẹ́nu kan ohun àkọ́kọ́ tí ẹ fi lọ̀ wọ́n. Ẹ kàn kọ pé "ẹ kú ìtọ́jú, mo rántí yín lónìí", tàbí kí ẹ dárúkọ ohun mìíràn tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn ìrànlọ́wọ́ kan sì wà tí kò ní ká béèrè rárá. Ẹ gbé àpò ìdọ̀tí wọn jáde pẹ̀lú tiyín ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó o. Ẹ gbá iwájú ilé wọn nígbà tí ẹ ń gbá tiyín, kí ẹ sì wọlé. Ní ọdún 2000, Niall Bolger àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ń múra ìdánwò àwọn agbẹjọ́rò. Àwọn méjèèjì ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí ẹnì kejì ní òun ṣe, tí ẹni tó ń kàwé kò sì fura sí, ló ṣe é láǹfààní jù. Èyí tó fura sí lè mú kí ọkàn rẹ̀ túbọ̀ rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni pé ó ń rán an létí pé kò dá dúró. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti ìdánwò nìyẹn, kì í ṣe ti aládùúgbò àti owó, síbẹ̀ ó jọ ohun tí mo ti rí.

Ààlà kan wà níbẹ̀: ìta ilé nìkan ni. Ẹ má wọ inú ọgbà ẹlòmíràn, ẹ má fọwọ́ kan lẹ́tà rẹ̀, ẹ má bá ọmọ rẹ̀ lọ síbì kankan láì gba àyè.

Wọ́n gbà. Kí ló kù tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́?

Ẹ dé ní aago tí ẹ dá. Tí ẹ kò bá ní lè wá, ẹ sọ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀. Ẹ má bi àwọn ọmọ léèrè bí ara bàbá wọn ṣe rí. Wọ́n á sọ fún yín, ẹ̀yin á sì ti gbọ́ ohun tí àwọn òbí wọn kò fi lọ̀ yín. Ẹ má ya fọ́tò. Tí oṣù bá sì pé, ẹ jẹ́ kó parí. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹ tún un fi lọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bíi tuntun, pẹ̀lú òpin tuntun, àti ọ̀nà ìdákẹ́jẹ́ kan náà.

Ìyá Ìbejì ńkọ́? Ṣé ó dáhùn?

Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Mo ti gbà pé kò wúlò fún un, mi ò sì tún yọ ọ́ lẹ́nu. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, iṣẹ́ kékeré kan wọlé sórí fóònù mi: "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ nìkan. Ẹ ṣé." Kò sọ ìdí tí kì í fi ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi náà kò sì béèrè. Ní Ọjọ́bọ̀, mo dé ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ìbejì ti wọ bàtà, wọ́n ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.